Ibi tí Màmá Gbọ́dọ̀ Ti Mí

Ọmọ mi ló bá ọkùnrin náà di orí téèpù mú. Mo ń sá aṣọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé, "Sànnu, ọmọ mi, dì í mú dáadáa, má jẹ́ kó bọ́." Mo yọjú. Ọkùnrin kan tí n kò rí rí ló ń fi téèpù onírin wọn ògiri yàrá wa, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí táǹkì omi. Ọmọ mi, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, di orí téèpù náà mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n gbà sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọkùnrin náà wọn ìta tán, ó wọ inú yàrá, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹní tí Màmá ń sùn sí, ó wọn ibẹ̀ náà. Nígbà tó jáde, ó fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà kan sára ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyẹn?" mo bi í.

"Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, Madam." Ó ká téèpù rẹ̀, ó fọwọ́ pa ọmọ mi lórí, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fẹ́ràn kí ilé dákẹ́.

Yàrá tí mo ń sọ yìí wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Utako. Apá Kogi tí a ti ń sọ Yorùbá ni ìlú wa wà, àwọn tó kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ ní Abuja ló dáwó jọ tí wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn náà. Bàbá ọkọ mi ni wọ́n gbà pé kó máa ṣọ́ ọ, kó máa gbá a, kó máa to àga rẹ̀. Wọ́n fún un ní yàrá méjì lẹ́yìn. Ìgbà tó kú, kò sẹ́ni tó ní kí Màmá jáde, kò sì sẹ́ni tó ní kó máa gbé ibẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kàn wà bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ń bá àwọn kọ́lékọ́lé ṣiṣẹ́ lọ́nà Nasarawa, ó ń wálé nígbà tí oṣù bá parí. Nítorí náà, èmi, Màmá tó jẹ́ ìyá ọkọ mi, àti ọmọ mi obìnrin la jọ ń gbé. Màmá ló ń gbá gbọ̀ngàn báyìí. Èmi ń tẹ̀wé fún oníkọ̀ǹpútà kan létí ọjà. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà dé, mi ò fi pamọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà tí wọ́n wọn ògiri ni alága ẹgbẹ́ wá kí wa. Alága kì í wá kí wa. Ó gbé iṣu dání, ó gbé òróró dání, ó jókòó sórí àga onírọ́bà wa, ó ń bi Màmá léèrè orúnkún rẹ̀. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan, ó tún bi í. Bí ó ti ń lọ, ó wo nọ́ńbà pupa yẹn bí ẹni tó ń wo àwòrán ara rẹ̀.

Màmá dúró ti iṣu náà, kò gbé e. "Ìyàwó mi," ó ní, "iṣu tó bá dédé wá báyìí, ń ṣe ni mo máa ń rò pé ó ti ní ẹni tó rán an."

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló wá sọ òtítọ́ fún wa, nítorí pé ọmọ ilé Màmá ni. Wọ́n ti rí ẹni tó fẹ́ ra gbogbo ọgbà náà. Níbi ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ ni wọn yóò ti ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Ó ní bí Màmá bá fẹ́ sọ̀rọ̀, òun yóò fi í sí ara àwọn tó máa sọ̀rọ̀, àmọ́ kó má pẹ́.

Màmá kò bínú pé wọ́n fẹ́ tà á. "Tiwọn ni," ó ní. "Ohun tí mo fẹ́ kò ju ẹyọ kan: kí wọ́n wá ibi tí a ó forí pamọ́ sí fún wa kí wọ́n tó tà á. Ìyẹn nìkan."

Ó lọ bá tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà, pé kó bá òun kọ ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Tíṣà kọ ọ́, ó dùn, ó jinlẹ̀, òwe inú rẹ̀ pọ̀ bí iyọ̀. Àmọ́ ẹ wo gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀:

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi tí mo dúró níwájú yín lónìí kì í ṣe ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, síbẹ̀, nígbà tí mo rántí bí ọkọ mi olóògbé ti gbá gbọ̀ngàn yìí lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, tí ó sì ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé, mo rí i pé ó di dandan fún mi láti bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ta ilé yìí kí ẹ tó wá ibi tí èmi àti àwọn ọmọ mi yóò máa forí pamọ́ sí.

Màmá mọ Yorùbá kà. Bíbélì ló fi kọ́ ọ, pẹ̀lú ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn yìí dáadáa. Nígbà tó dé "lójò àti lẹ́ẹ̀rùn", èémí rẹ̀ tán. Ó mí, ó wá ìlà tó wà, kò rí i mọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ní ìgbà kejì, ó fo ìlà kan, ó ka ikú ọkọ rẹ̀ kí ó tó ka iṣẹ́ rẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí ga jù mí lọ. Bíi kí n wọ bàtà ọkùnrin ni."

"Kò ga jù yín lọ, Mà. Ìwé ni wọ́n kọ. Ẹnu ni ẹ fẹ́ fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n gé e."

Mo mọ bí a ṣe ń gé e nítorí pé èmi ni mo ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Wuye. Obìnrin tó kọ́ àwa olùkà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Garki, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti tún ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tò kí ọ̀gá tó kà á síta. Ó kọ́ wa pé ojú lè gbé gbólóhùn gígùn, èémí kò lè gbé e. Ìlà kan, èémí kan. Kí lẹ́tà tóbi. Kí àyè wà láàárín ìlà. Kí gbólóhùn má bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan kó wá parí ní òkè òmíràn. Kí a kọ ọ́ sí ojú kan ìwé, kí a má so ìwé pọ̀, kí olùkà lè rọra tì í sápá kan láìṣí i pà-pà-pà létí máìkì. Igi kan, ìyẹn ìlà kékeré tó dàgẹ̀rẹ̀ tí a fà sáàárín ọ̀rọ̀, túmọ̀ sí pé kí o mí. Igi méjì túmọ̀ sí pé kí o dúró, kí o gbójú sókè, kí o wo àwọn ènìyàn kí ọ̀rọ̀ tó wúwo tó jáde.

Igi la máa ń fà, a kì í kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ó ní ìdí. Obìnrin náà sọ fún wa pé nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun kọ "ẹ dúró níbí, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀" sínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá kan. Ọ̀gá dé orí pèpéle, ó fi ohùn ńlá kà á fún gbogbo àlejò pé kí wọ́n dúró níbẹ̀, kí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwọn kan sì dìde dúró lóòótọ́.

Mo sọ ìtàn yìí fún Màmá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbáròkó mú. Nígbà náà ni mo mú bíìrò. Bí mo ṣe kọ́kọ́ gé e nìyí:

Èmi kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ. //
Ẹ̀yin náà mọ̀. //
Ọkọ mi gbá gbọ̀ngàn yìí /
lójò, / lẹ́ẹ̀rùn. //
Ó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí / títí ó fi kú. //
Mo bẹ̀ yín. //
Ẹ má ta ilé yìí /
kí ẹ tó wá ibi tí a ó forí pamọ́ sí. //

Màmá kà á láìṣìṣe. Ó kà á nílé ìdáná, ó kà á nídìí táǹkì omi, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ti ìyálé ilé tó ń pín ẹran. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìpàdé oṣooṣù dé, èyí tó máa ń ṣáájú ìpàdé gbogbogbòò. Màmá to àga, èmi jókòó lẹ́yìn, ọmọ mi jókòó sí itan mi. Bàbá àgbàlagbà kan dìde, ó ní òun ní ìbéèrè lórí títà ilé. Ó kí alága, ó kí àwọn àgbà. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni èyí." Ó dúró kó lè mí. Kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń gbé itọ́ mì lọ. Alága ti gba máìkì kejì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún bàbá wa! Bàbá rere! A dúpẹ́, Bàbá, ẹ jókòó, ẹsẹ̀ yín." Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Bàbá náà wò yí ká, ẹnu rẹ̀ ṣì là. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó tì í. Ó dúpẹ́, ó jókòó.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ni máìkì títí tó fi sọ pé, "Mo dá ọ̀rọ̀ padà fún alága." Òfin nìyẹn. Àmọ́ bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún ọ, ta ni yóò máa bá àtẹ́wọ́ jà? Mo ti rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìmọ ohun tí mò ń wò. Lọ́jọ́ náà ni mo rí i kedere: ibi tí bàbá yẹn ti mí ni wọ́n gbà wọlé.

Mo rántí gbogbo igi méjì-méjì tí mo ti tò sínú ìwé Màmá, ìkọ̀ọ̀kan wọn bí ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀. "Mo bẹ̀ yín", igi méjì. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti pàtẹ́wọ́. Tàbí kó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó ti ka "Ẹ má ta ilé yìí" kí ó mí, kí wọ́n gé e níbẹ̀, kí gbogbo ìlú máa sọ pé ìyàwó ẹ̀ṣọ́ ní kí ẹgbẹ́ má ta ilé wọn.

Mo sọ fún Màmá nígbà tí a délé. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ó sì ń gbọ́.

"Ṣé o fẹ́ kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ náà, kí n tó kí wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Kí ẹ sọ ọ́ kíá."

Ó gbé ojú sókè. "Èmi? Kí n dìde láàárín àwọn àgbà, kí n máa tọrọ nǹkan kí n tó kí ènìyàn? Kí wọ́n sọ pé ta ló bí mi? Ìyàwó mi, wá ọgbọ́n mìíràn."

Ọgbọ́n mìíràn tí mo wá nìyí. Obìnrin tó kọ́ wa ní kí a máa mí níbi tí ọ̀rọ̀ bá parí. Mo yí i padà. Mo wá ibi tí ọ̀rọ̀ kò tíì parí, ibi tí etí ṣì ń retí, mo fi igi síbẹ̀. Mo wá gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ti parí, mo yọ igi kúrò, mo fa ìkọ́ kan láti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lọ mú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e, tó túmọ̀ sí pé má mí, má dúró, kọjá. Nítorí pé kò sẹ́ni tó lè pàtẹ́wọ́ fún ọ lẹ́yìn "àmọ́". Kò sẹ́ni tó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn "nítorí pé". Yóò dà bí ẹni tó gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń bù ú.

Báyìí ló wá rí:

Èmi kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ẹ̀yin náà mọ̀, àmọ́ /
ọkọ mi gbá gbọ̀ngàn yìí / lójò, lẹ́ẹ̀rùn, ó sì /
ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí títí ó fi kú, nítorí náà /
mo bẹ̀ yín pé kí ẹ tó /
ta ilé yìí, kí ẹ kọ́kọ́ /
wá ibi tí a ó forí pamọ́ sí. //

Ẹ rí i pé mo yí ẹ̀bẹ̀ náà pẹ̀lú. Kò sí "ẹ má ta" nínú rẹ̀ mọ́. Ibikíbi tí wọ́n bá gé e, kò lè di ìjà. Igi méjì kan ṣoṣo ló kù nínú gbogbo ìwé náà, ìparí pátápátá ló wà. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà kan péré: Mo dá ọ̀rọ̀ padà fún alága.

Kíkà á kò rọrùn fún Màmá. Ó ti mọ́ ọn lára láti sinmi níbi tí ọ̀rọ̀ bá sinmi. "Ó ń ṣe mí bíi kí n fẹsẹ̀ kan dúró," ó ní. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ló jù. Mo sọ fún un pé n ó máa pàtẹ́wọ́ lójijì bó bá ti ń kà, kó má dá mi lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Kíá ló kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun o, Olúwa á bù kún yín."

"Mà! Ẹ ò gbọdọ̀ dúpẹ́!"

"Àtẹ́wọ́ dé, o ní kí n má dúpẹ́? Irú ẹ̀kọ́ wo lo fẹ́ fi kọ́ mi?"

A tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ti rí i pé eré ni, òun náà ń pàtẹ́wọ́, ó ń fò, ó ń pariwo pé "Màmá rere! Màmá rere!" nítorí ó ti gbọ́ ọ ní ìpàdé. Màmá ń kà, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà, orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀ sísàlẹ̀ nígbà gbogbo tí àtẹ́wọ́ bá ró, bí ẹni tí wọ́n ń fi okùn fà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni orúnkún náà kọ̀, kò tẹ̀ mọ́. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lábẹ́ ariwo wa. Nígbà tó parí, inú mi kò dùn bí mo ti rò. Ojú rẹ̀ ti yí. Ó dà bí ojú ẹni tó ti pinnu pé òun kò ní fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó bá yìn ín.

Láàárín àkókò náà, wọ́n ti gé igi máńgòrò tó wà ní ojú ọgbà. Wọ́n ní gbòǹgbò rẹ̀ ń ba ògiri jẹ́. Ògiri wo, n kò mọ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ tó máa ń yà mu omi lọ́dọ̀ wa kò yà mọ́, bí a bá pàdé ní ọjà Utako, wọ́n á máa wo ata.

Ọjọ́ ìpàdé gbogbogbòò pé. Gbọ̀ngàn kún. Màmá fúnra rẹ̀ ló to àga tí wọ́n jókòó lé. Akọ̀wé pè é, ó lọ síwájú pẹ̀lú ìwé méjì àti gíláàsì, èmi dúró nídìí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó kí alága, ó kí àwọn bàbá, ó kí àwọn ìyá, ó kí àwọn ọ̀dọ́, mo sì ti fi ìkọ́ so gbogbo ìkíni náà pọ̀. Ó dé "ẹ̀yin náà mọ̀, àmọ́". Ó mí. Mo rí ọwọ́ alága tó gbéra sí máìkì, mo rí i tó dúró, nítorí pé ọ̀rọ̀ ṣì wà lókè, kò tíì balẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀ ìwé àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù jù. Ó rọra ti ìwé náà sápá kan, ó sì ti ń ka èkejì kí ti àkọ́kọ́ tó balẹ̀.

Alága gbìyànjú. Níbi "títí ó fi kú", ó pariwo pé, "Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún—" Àwọn tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀. Màmá kò dúró. "Nítorí náà," ó ní, ohùn rẹ̀ sì gun orí àtẹ́wọ́ náà bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Àtẹ́wọ́ náà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kú. "Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ tó," ó mí, "ta ilé yìí, kí ẹ kọ́kọ́," ó mí, "wá ibi tí a ó forí pamọ́ sí."

Igi méjì.

Ó gbójú sókè. Ó wo wọ́n. Ìlà tó kù ni kó dá ọ̀rọ̀ padà. Kò kà á. Mo rí i tó ká ìwé náà sí méjì. Máìkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ni ín, gbogbo wa sì mọ̀. A kò fi èyí dánra wò. Ọmọ mi gbóhùn sókè lẹ́yìn mi pé "Màmá," mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ohùn ọkùnrin kan jáde láti ẹ̀yìn, ó ní, "Alága, ẹ dá màmá lóhùn."

Bàbá tí wọ́n fi àtẹ́wọ́ gbé jókòó lóṣù tó kọjá ni.

Alága dìde. Ó tún filà ṣe. "Màmá wa," ó ní, "ẹgbẹ́ yìí kò ní ta ilé yìí." Ó dúró. Igi méjì gidi ni ó fi síbẹ̀, ó gbójú sókè, ó wo àwọn ènìyàn. Gbọ̀ngàn bú sáyọ̀. Àtẹ́wọ́, ìlù tábìlì, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ orin. Lábẹ́ ariwo náà, ẹnu alága ṣì ń mì. Èmi nìkan kọ́ ló wà nídìí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ àtẹ́wọ́. Ó ní: "kí a tó jẹ́ kí Màmá gbọ́."

Ẹgbẹ́ yìí kò ní ta ilé yìí, kí a tó jẹ́ kí Màmá gbọ́.

Mo wo Màmá. Orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀. "Ẹ ṣeun o," ó ń sọ, "mo dá ọ̀rọ̀ padà fún alága." Akọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

A rìn yí gbọ̀ngàn ká lọ sẹ́yìn. Mò ń rò pé bóyá kí n má sọ fún un, kí ó sun oorun ọjọ́ kan. Ó gbé omi kaná, ó bọ́ gèlè, ó jókòó.

"Níbo ló ti mí?" ó bi mí.

"Ta ni, Mà?"

"Alága. Mo gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ló kàn ti rẹ̀ mí. Níbo ló ti mí?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n sì fa igi méjì síbi tó yẹ. Mo kọ ọ́. Ó wò ó títí, ó fi ìka tẹ̀lé e, bí ó ti máa ń ṣe sí Bíbélì. "Hẹn-ẹn," ó ní. "Ó kúkú kàwé jù wá lọ." Ó fi ìwé náà dáná sítóòfù.

Kò pẹ́ tí alága fi dé. Ọ̀sán ni, oòrùn mú. Iṣu kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọkùnrin onítéèpù ló tẹ̀lé e, ó sì dúró níta nídìí nọ́ńbà pupa. Alága jókòó sórí àga onírọ́bà. Ó béèrè orúnkún Màmá. Ó nu ojú.

"Màmá," ó ní.

Ó dúró.

Mo mọ ìdúró yẹn. Mo ti fa á sára ìwé fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún Màmá, fún oríṣiríṣi ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo di ọmọ mi mú. Màmá náà mọ̀ ọ́n. Mo rí i tó dìde lórí orúnkún tó ń dùn ún yẹn, tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún alága wa!" ó ké. "Alága rere! Alága tó ṣèlérí! Ìyàwó mi, kí lò ń wò? Pàtẹ́wọ́!"

Mo pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń fò sókè, ó ń pariwo pé "Alága rere! Alága rere!" Àwọn ará ọgbà kejì yọjú lórí ògiri, wọ́n rí àwa mẹ́ta tí à ń pàtẹ́wọ́, àwọn náà pàtẹ́wọ́. Alága la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Màmá ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sìn ín lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbàdúrà fún un láìmí, àdúrà kan kọ́ òmíràn lọ́rùn, kò sí ibì kan láàárín wọn tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ sí. Alága ń ṣe "àmín, àmín". Kí ni ìbá tún ṣe?

Ó ti padà wá lẹ́yìn náà. Ó rán akọ̀wé. Ó tẹ fóònù, Màmá sì ń kí i títí owó fi tán lórí ìlà rẹ̀. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, Màmá kò tíì gbọ́, wọn kò sì tíì lè tà á.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà wà lára ògiri, òjò kò wẹ̀ ẹ́ kúrò. Ibi tí wọ́n gé máńgòrò sí ti di pẹrẹsẹ, ọkọ̀ ńlá lè gba ibẹ̀ wọlé. Ọmọ mi ń pàtẹ́wọ́ fún gbogbo ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà wa, ó rò pé bí a ṣe ń kí ènìyàn nìyẹn. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí Utako kò tíì jí tán, mo máa ń gbọ́ Màmá tó ń mí nínú yàrá kejì, èémí kan, ìdúró, èémí kan. Èmi náà á dúró, títí èkejì á fi jáde.